Ẹnu Ni Kó O Fi Dá Mi Lóhùn

Súwẹ́tà ọmọ iléèwé ló ń hun. Búlúù, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ilẹ̀. Ó máa ń ta kókó sí ìdí òwú kọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ èyí tó fà. Ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀ gba tábìlì kan tán, abẹ́rẹ́ tò sórí rẹ̀ bí eyín. Ó tì í sọ́tùn-ún, ẹ̀rọ ké. Ó fà á sósì, ẹ̀rọ ké. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èjìká rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Onísúwẹ́tà ni àdúgbò ń pè é. Àwọn kan ní orúkọ mìíràn fún un, wọ́n sì máa ń pè é ketekete lójú rẹ̀, bí ẹni pé ẹni tí kò ríran kò gbọ́ràn.

Àìsàn kan tó máa ń sú sí ọmọdé lára ló gba ojú náà, nígbà tí kò tíì mọ̀wé kà. Ìyá rẹ̀ kò dárí ji ara rẹ̀. Ìfẹ́ ìyá náà wúwo, ó máa ń bo èèyàn mọ́lẹ̀ bí aṣọ òtútù nígbà ooru. Tí àlejò bá bi ọmọ ní orúkọ rẹ̀, ìyá á dáhùn. Tí wọ́n bá bi í bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ìyá á ní kò gbẹ ẹ́.

Nígbà tó dàgbà tán, ìyá yìí kan náà ló wá ọkọ fún un. Bàbá kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ àgbà ju Onísúwẹ́tà lọ. Bàbá náà jókòó, ó mu omi, ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó ní obìnrin tí kì í jáde kì í bá èèyàn jà nítorí òde.

"Mo máa ń jáde, sà," ni Onísúwẹ́tà sọ.

Bàbá náà yíjú sí ìyá. "Ṣé lóòótọ́ ló máa ń jáde?"

Nígbà tó lọ tán, ìyá kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó kàn mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, ẹni tó bá wá là ń gbà. Èmi ò ní wà láyé títí."

Gbólóhùn yẹn. Ó gbọ́ ọ títí ó fi dà bí ariwo ẹ̀rọ létí rẹ̀.

Ẹ̀rọ ló mú ọkọ wá. Ó há lọ́jọ́ kan, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Atúnẹ̀rọṣe. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, òórùn epo ẹ̀rọ lára rẹ̀. Ìyá gbé àga, ó jókòó sáàárín wọn.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í há?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Àná ni," ni ìyá dáhùn.

"Ṣé tó bá ń lọ sọ́tùn-ún ni àbí sósì?"

"Ọ̀tún ni."

Atúnẹ̀rọṣe fi irin ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀. "Mà, ẹ má bínú. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń fi hunṣọ ni?"

"Èmi kẹ̀? Rárá o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń fi hunṣọ bá mi sọ̀rọ̀."

Onísúwẹ́tà rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ó ní òun wá wò ó bóyá ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Kò tíì bàjẹ́. Ó ní kò burú, òun á tún padà wá wò ó.

Báyìí ni wọ́n ṣe fẹ́ra wọn sọ́nà. Lórí ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ jáde, Atúnẹ̀rọṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fà á lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á já sí gọ́tà. Onísúwẹ́tà dúró. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Ẹrù kọ́ ni mí. Èmi ni màá di ìgunpá ẹ mú. Ìwọ máa rìn níwájú díẹ̀, tó o bá sọ̀ kalẹ̀, ara ẹ á sọ fún mi."

"Ara mi á sọ fún ẹ?"

"Ara ẹ ò lè pa irọ́. Ẹnu ẹ ni mi ò tíì mọ̀."

Ọkùnrin náà na ìgunpá sí i. "Kí n má tàn ẹ́ o. Mo burẹ́wà."

"Ìyẹn kàn ẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń ríran."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí ilé méjèèjì, ìbéèrè kan náà ni wọ́n béèrè láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìyá Onísúwẹ́tà ní, "Ọkùnrin tójú ẹ̀ là, kí ló ń wá lọ́dọ̀ ẹ?" Ẹ̀gbọ́n Atúnẹ̀rọṣe náà ní, "Àbúrò mi, kí lò ń wá lọ́dọ̀ ẹ̀? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ kan lo dá tó o fẹ́ fi èyí san ni?"

Ẹ̀gbọ́n obìnrin yìí ló tọ́ ọkùnrin náà dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn ló ń ṣàkóso, ọwọ́ rẹ̀ le, àánú rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń fi ọwọ́ líle náà ṣàánú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n ti túká. Ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn ń kí ọkọ ìyàwó. Kì í ṣe ìkíni ayọ̀. "O ṣeun o. Ọlọ́run á san án fún ẹ." Atúnẹ̀rọṣe ní wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun bí ẹni tó gba ajá tó sọnù sílé. Àwọn méjèèjì fi ṣe ẹ̀rín. Nígbà tó yá, wọn ò fi ṣe ẹ̀rín mọ́.

Kódà níwájú akọ̀wé ìjọba tó so wọ́n pọ̀. Ó bi ọkọ bóyá ó fẹ́ obìnrin yìí, ọkọ ní òun fẹ́ ẹ. Ó tún bi ọkọ: "Òun náà ńkọ́, ṣé ó gbà?"

"Ẹ bi mí," ni Onísúwẹ́tà sọ. "Mo wà níbí."

*

Oyún. Gbogbo èèyàn ní ọ̀rọ̀ láti sọ sí oyún náà.

Ẹ̀gbọ́n ló ń bá a lọ sí ilé ìwòsàn, torí ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, torí kò sì sẹ́ni tó bi aláboyún léèrè. Dókítà sọ fún wọn pé àìsàn ìgbà èwe kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀, pé ojú ọmọ náà á là. Ẹ̀gbọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Nọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ kì í bá aláboyún sọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ gbà.

"Ṣé ó ń jẹun dáadáa?" Ẹ̀gbọ́n ni nọ́ọ̀sì bi.

"Ó ń gbìyànjú," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn.

"Tó bá bí èyí tán, ẹ jẹ́ ká kúkú bá a so ilé ọmọ ẹ̀. Ọ̀kan tó. Ìyà má pọ̀ lápọ̀jù."

"Ìyẹn náà dáa," ni Ẹ̀gbọ́n sọ, bí ẹni tí wọ́n ní kó fi ìdérí bo ìkòkò.

Onísúwẹ́tà dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ta lẹ fẹ́ so?"

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa, nítorí tìẹ ni," ni Ẹ̀gbọ́n sọ.

"Tó bá jẹ́ nítorí tèmi ni, kẹ́ ẹ bi mí. Mi ò fẹ́."

Wọ́n tún sọ ọ́ lọ́jọ́ tó ń rọbí. Àárín ìrora, obìnrin kan gbé ìwé wá, ó ní kó tẹ̀ka. Ó di ìka rẹ̀ sínú àtẹ́lẹwọ́, kò sì ṣí i títí ọmọ fi ké.

Obìnrin. Igbe rẹ̀ gba ilé.

Bó ṣe ń wẹ ọmọ nìyí: apá òsì lábẹ́ ọrùn ọmọ, ìka rẹ̀ á di abíyá ọmọ mú lódìkejì, ọwọ́ yẹn kì í sì í kúrò títí ìwẹ̀ á fi parí. Ìgunpá ló fi ń mọ̀ bóyá omi gbóná jù. Tó bá ń fún un lóúnjẹ, á fi àtàǹpàkò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, á sì mọ ibi tí ẹnu wà. Òògùn ńkọ́? Oníkẹ́míìsì gé àmì sára ìfami kékeré kan tí wọ́n fi ń fa òògùn olómi, kó lè fà á títí èékánná rẹ̀ fi kan àmì náà. Kó tó gbé ọmọ sílẹ̀ láti rá, òun fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ rá, á fi àtẹ́lẹwọ́ wá abẹ́rẹ́ àti àjákù òwú. Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó so ṣaworo mọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Kò rọrùn. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Ìyá tó bá ríran náà, ẹ̀yìn ń dùn ún.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀. Ó máa ń bi ọmọ ní gbogbo nǹkan, ọmọ sì gbọ́dọ̀ fẹnu dáhùn. Níbo lo wà? "Níbí." Kí lo mú? "Ṣíbí." Ọmọ náà tètè mọ ọ̀rọ̀ sọ débi pé àwọn ará ilé sọ ọ́ ní Odídẹrẹ́. Á wọlé, á kéde ara rẹ̀: "Mo ti dé. Mo jókòó. Mo ti dìde."

Ìṣubú náà ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Onísúwẹ́tà ń sùn. Bàbá ọmọ ló wà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó gan-an, nígbà tí ọmọ gbé ẹsẹ̀ sí òfìfo lórí àtẹ̀gùn. Iwájú orí rẹ̀ bẹ́. Wọ́n rán an.

Ẹ̀gbọ́n dé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lára. "Mo ti sọ ọ́. Mo sọ ọ́ tipẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo wà níbẹ̀," ni àbúrò rẹ̀ sọ. "Ojú mi ló ṣe."

"O ò ní ṣàì bo ìyàwó ẹ. Ìwà ẹ nìyẹn."

"Mo ní èmi ni mò ń wò ó. Òun sùn!"

"Ó sùn!" Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o, ó sùn!"

Atúnẹ̀rọṣe sọ òtítọ́ yẹn fún gbogbo ẹbí. Kò wọ ẹnì kankan létí. Ọmọ àwọn ẹlòmíì ń ṣubú lójoojúmọ́, wọ́n á ní pẹ̀lẹ́. Èyí ṣubú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n di ẹrù rẹ̀ lọ sílé Ẹ̀gbọ́n.

Kí ojú ọgbẹ́ jinná, ni Ẹ̀gbọ́n sọ. Ìyá Onísúwẹ́tà náà dá sí i: "Sinmi díẹ̀, ọmọ mi. Ìgbà ìwọlé iléèwé nìyí, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ẹ." Àárẹ̀ ti mú un. Ó gbà.

Ọgbẹ́ jinná. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọ ń wúkọ́. Ikọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n ní òjò ti ń rọ̀, ká jẹ́ kó dá. Òjò dá. Ẹ̀gbọ́n ní ilé òun ti mọ́ ọmọ lára.

Wọ́n ń lọ wò ó. Ìgbà kan tí wọ́n lọ, kò sí ìró ṣaworo.

"Mo ti tú u," ni Ẹ̀gbọ́n sọ. "Ọmọ èèyàn kì í ṣe ewúrẹ́."

Ìgbà tó tẹ̀lé e, ó gbọ́ tí ọmọ pe Ẹ̀gbọ́n ní Màmá. Òun, Màmá Súwẹ́tà.

Ìyẹn dùn ún. Ìyẹn kọ́ ló wá bà á lẹ́rù. Ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Odídẹrẹ́. Ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín láti inú ilé ìdáná. "Ó ti mi orí, ìyàwó wa. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ó tún béèrè ohun mìíràn. Ọmọ nawọ́. Ó tún béèrè. Ọmọ ṣe èjìká. Ẹ̀gbọ́n ló ń túmọ̀ rẹ̀, tẹ̀ríntẹ̀rín, kò ní ibi kankan lọ́kàn. Nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó nílò ohùn ọmọ náà. Ojú ti tó wọn. Ọmọ sì ti ń gbàgbé pé ìyá kan wà tí orí mímì kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó sọ fún ọkọ rẹ̀: "A máa mú un wálé."

"Ká ní sùúrù díẹ̀."

"Sùúrù mélòó ló kù?"

"Ẹ̀gbọ́n ló tọ́ mi," ni ọkọ sọ. Àárẹ̀ wà nínú ohùn rẹ̀. Ó ń gbé àárín àwọn obìnrin méjì, èèyàn rere sì ni àwọn méjèèjì. Ìyẹn gan-an ni ìnira rẹ̀.

"Ó tọ́ ẹ dáadáa. Kó fi tèmi sílẹ̀ fún mi. Tó bá pẹ́ sí i, ọmọ yẹn á wà níwájú mi, mi ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

*

Wọ́n ṣe ìpàdé ní pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ìyá Onísúwẹ́tà wà níbẹ̀, àti àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Awakọ̀. Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá aláìsàn.

"Ìyàwó wa," ni Bàbá Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀, "kò sẹ́ni tó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ. À ń bá ọ gbé e ni."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ gbé e fún mi báyìí."

Bàbá Awakọ̀ wúkọ́. "Kó tó iléèwé ná."

"Ìṣẹ́jú kan péré ló lè gbà kí ọmọ dé ẹnu iná," ni ìyá rẹ̀ sọ. Ìyá tirẹ̀.

"Màmá, ṣé iná ò jó ìgunpá mi rí lọ́wọ́ yín nígbà tí mo wà lọ́mọdé? Ojú yín là."

Ìyá ṣún àga rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ó dáa," ni Bàbá Awakọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ ti ń sú u, ó fẹ́ lọ sílé. "Ọmọ náà wà níbí. Ẹ jẹ́ ká bi í. Ọmọ dáadáa, ta lo fẹ́ bá gbé?"

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bọ́ sáàárín wọn. Ó gùn. Aṣọ ẹnì kan há mọ́ àga. Ìyá rẹ̀ fa imú.

"Kí ló sọ?" ni Onísúwẹ́tà béèrè.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn èèyàn tó ti ń bá a dáhùn láti kékeré, gbogbo wọn pa ẹnu dé lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo ní kí ló sọ?"

"Ó nawọ́ sí Ẹ̀gbọ́n," ni ọkọ rẹ̀ sọ.

"O ṣeun." Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun. "Bàbá, nígbà tí àwọn ọmọ yín wà ní ìwọ̀n yìí, ta ló bi wọ́n ní ilé tí wọ́n fẹ́ gbé?"

"Háà." Bàbá Awakọ̀ rẹ́rìn-ín láìfẹ́. "Tí mo bá bi àwọn tèmi, ilé onísúìtì ni gbogbo wọn ì bá gbé."

"Ẹ ò bi wọ́n, torí pé ẹ̀yin lẹ bí wọn. Èmi náà ni mo bí èyí."

Ẹ̀gbọ́n ti ń sunkún. "Tó bá tún ṣubú ńkọ́?"

"Á tún ṣubú, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ilé yìí máa ṣófo."

"Mo mọ̀." Ó mọ̀ lóòótọ́. Ó ti ń gbọ́ òfìfo ilé náà láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. "Ẹ máa wá lọ́jọ́ Sátidé, ẹ wá láàárọ̀, ẹ lọ nírọ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá bi í ní nǹkan, kẹ́ ẹ dúró kó fẹnu sọ. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín."

Ó dìde, ó na ọwọ́. "Wá."

Ọmọ kò wá. Ẹsẹ̀ kékeré sáré lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ la ẹnu láti sọ ibi tó wà. Onísúwẹ́tà gbé ọwọ́ sókè, ọkọ pa ẹnu dé. Ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ, ó kan tábìlì, ó kan orúnkún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kó lè kọjá. Ẹ̀yìn àga ńlá. Èémí wà níbẹ̀, kíákíákíá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e.

Ọmọ ké bí ẹni tí wọ́n ń jí gbé.

Ó ké dé ibùdókọ̀. Ó ké nínú bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan yọjú láti ìjókòó iwájú, kò bi ẹni tó gbé ọmọ, ọkọ ló bi. "Ọ̀gá, ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ mi ni," ni Onísúwẹ́tà sọ.

Obìnrin náà ṣì kọjú sí ọkọ. Ó tó ìgbà tí ọkọ ní "Ọmọ wa ni" kó tó jókòó padà, tó ń kùn sínú.

Nílé, ọmọ kò sọ̀rọ̀. Abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ló fi ṣe ilé. Ìyá á bi í bóyá ó fẹ́ búrẹ́dì, bàbá á sọ láti ìdí fèrèsé pé, "Ó ti mi orí."

"Má ṣe ẹnu fún un."

"Ebi ń pa á."

"Mo mọ̀. Ebi ohùn rẹ̀ ń pa èmi náà. Jẹ́ kó sọ fún mi."

Ọkọ jáde lọ jókòó síta. Onísúwẹ́tà máa ń gbé búrẹ́dì náà sí ẹsẹ̀ tábìlì, kò lè fi ebi pa ọmọ. Ó kàn máa ń bi í kó tó gbé e síbẹ̀, á sì dúró. Ó ń dúró, ó ń dúró, iṣẹ́ ń pọ̀ lórí tábìlì, àwọn oníbàárà ń kanlẹ̀kùn. Nígbà mìíràn ó máa ń rò ó pé bóyá gbogbo wọn ló gbọ́n ju òun lọ. Ó máa ń rò ó, á sì tún fa ẹ̀rọ sósì.

Òwúrọ̀ kan, ó ń hun apá súwẹ́tà kan lọ́wọ́, ohùn kan jáde láti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ohùn ìfẹ́. Ìbínú ló wà nínú rẹ̀.

"Omi!"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Kò sáré, kó má baà dẹ́rù ba ọ̀rọ̀ náà. Ó lọ bu omi sí kọ́ọ̀pù, ó fi ìka mọ ibi tó kún dé. Ó jókòó sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké.

"Níbo lo wà?"

Kò sí ìdáhùn. Èémí nìkan. Ó na kọ́ọ̀pù sí apá ibi tí ohùn náà ti wá, ó sì ń dúró. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kò gbé e sílẹ̀. Lójú pópó, ẹnì kan ń pe ẹnì kan, ẹni náà sì ń jẹ́.

Nígbà tó ṣe, nǹkan kan fa ẹnu kọ́ọ̀pù náà díẹ̀. Ó di ìdí rẹ̀ mú dáadáa. Díẹ̀díẹ̀, kọ́ọ̀pù náà ń fúyẹ́.